Bí a ṣe ń ya ojú kọ̀ǹpútà láìsí ọfà máòsì àti àlàyé tó ń yọjú

Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ní kánmọ́kánmọ́, ẹ óò rí ohun tí mò ń wí. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, bọ́tìnì kan ni wọ́n fẹ́ fi hàn wá, àmọ́ pátákó kékeré kan ti yọ sábẹ́ bọ́tìnì náà, ó sì ti bo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Máòsì rẹ̀ ló sinmi lórí bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà sì rò pé ó fẹ́ mọ orúkọ bọ́tìnì ọ̀hún, ló bá sọ ọ́ fún un. Pátákó kékeré yẹn ni màá máa pè ní àlàyé ayọjú títí tí a ó fi parí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àkọsílẹ̀ ìpàdé di PDF nínú LibreOffice Writer, ẹ sì fẹ́ kọ ojú ewé kan fún un, tòun ti àwòrán. Orí Windows 11 ni a wà. Bọ́tìnì tí a fẹ́ fi hàn wà ní ìlà bọ́tìnì òkè, nítòsí èyí tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ pamọ́. Bí ẹ bá gbé máòsì lé e, àlàyé ayọjú rẹ̀ á kọ `Export Directly as PDF`.

Ọfà lè lọ kí àlàyé ṣẹ́kù

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ọfà máòsì kì í ṣe ara àwòrán tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ń kó jọ láti fi hàn wá. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó àwòrán ló máa ń gbé ọfà lé e lórí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń bọ̀ wá sójú gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí ẹ fi bọ́tìnì PrtSc yà lórí Windows kì í fi í ní ọfà nínú. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dà kọ, kò kan èyí tí wọ́n gbé lé e. Ètò tó bá fẹ́ kí ọfà hàn ní láti tún ọfà yà sínú àwòrán fúnra rẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ ẹ.

Àlàyé ayọjú kò rí bẹ́ẹ̀. Wíńdò gidi ni, bó ti wù kó kéré tó, ètò ló sì yà á sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ya gbogbo ìyókù. Bí PrtSc bá ti dà á kọ, ó wọlé nìyẹn. Ohun tó ń dé bá ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: wọ́n ti rí i pé ọfà kò sí nínú àwòrán, wọ́n ti gbà pé àwòrán ti mọ́, láì mọ̀ pé ohun tí ọfà jí sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí ọfà máa ń jí kò sì mọ sí àlàyé nìkan. Bọ́tìnì tí máòsì bá wà lórí rẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà, á dà bíi pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé wa á wo àwòrán, á wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á rí i pé bọ́tìnì tòun kò ní àwọ̀ búlúù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù. Nínú ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí máòsì bá sinmi lórí líǹkì, àdírẹ́sì líǹkì náà á yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ibi tí ojú ẹni tó ń ya àwòrán kì í sábà dé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ máòsì kúrò nínú àwòrán, ohun tó yẹ kí ẹ máa wá kọjá ọfà. Ẹ wá gbogbo ohun tó yí padà nítorí pé ọfà wà níbì kan.

Títún un yà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Àwòrán àkọ́kọ́ tí a yà nìyí: àlàyé `Export Directly as PDF` ti yọ, ó sì ti bo apá kan ìlà kejì, níbi tí orúkọ irú ìpínrọ̀ àti orúkọ ọwọ́ ìkọ̀wé wà. Ohun tó yẹ kó kà sí `Default Paragraph Style` ti di ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Bọ́tìnì PDF fúnra rẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà. Ẹ má dá a sí. Ẹ tún un yà, torí pé wíńdò ọ̀hún ṣì wà ní ṣíṣí níwájú yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí máòsì máa dúró sí. Bí Writer bá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ibi kankan tí ẹ gbé máòsì sí tí kì í ṣe orí nǹkan kan. Ẹ dín wíńdò náà kù, kí ojú kọ̀ǹpútà òfìfo tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ṣẹ́kù lápá ọ̀tún, níbi tí kò ti sí àmì fáìlì kankan. Ibẹ̀ ni ibùdó máòsì. Ẹ má gbé e lọ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé bí máòsì bá kan àmì ètò tó wà ní ṣíṣí níbẹ̀, àwòrán kékeré wíńdò rẹ̀ á gbéra sókè. Igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún náà kò dára, torí pé bọ́tìnì tí ń fi ojú kọ̀ǹpútà hàn wà níbẹ̀, ó sì ní àlàyé tirẹ̀. Inú ojú ewé funfun Writer kọ́ ni kí ẹ gbé e sí pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé àlàyé kì í sábà yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ètò tí ẹ fi ń yàwòrán bá jẹ́ irú èyí tí ń ya ọfà mọ́ ọn, ẹ óò bá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ọ̀rọ̀ yín, yóò sì ṣòroó dá mọ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Snipping Tool, ètò tí Windows fúnra rẹ̀ ní fún yíya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, àmì aago kan wà tí ẹ fi lè dá yíyàwòrán dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, 5 tàbí 10. Ẹ mú 5. Ẹ tẹ `New`. Snipping Tool á kúrò lójú, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, nǹkan méjì péré ni ẹ ó ṣe, ẹ sì ní láti ṣe é tẹ̀léra. Ẹ tẹ ojú ewé funfun Writer lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn èyí, ẹ gbé máòsì lọ sí ibùdó rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ má tẹ ohunkóhun níbẹ̀, kí ẹ sì ká ọwọ́ kúrò. Títẹ ojú ewé yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí ẹ wà nínú Snipping Tool, Writer kọ́ ni wíńdò tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ á sì ti ṣú díẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ibùdó máòsì dípò kí ẹ kàn gbé máòsì síbẹ̀, orí Writer á tún ṣú padà, àwòrán yín á sì dà bí ètò tó ti sùn.

Títẹ ojú ewé náà tún ń nu ohun mìíràn kúrò. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì kan tẹ́lẹ̀, pàápàá nínú pátákó ìbéèrè, ìlà tín-ín-rín kan lè yí i ká láti fi hàn pé òun ni kíbọọ̀dù ń bá sọ̀rọ̀. Ìlà yẹn kì í lọ nígbà tí máòsì bá lọ. Àyàfi tí ẹ bá tẹ ibòmíràn.

Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù tí kò ní máòsì, kí ó ṣọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pátákó tí a fi ìka darí ọfà máa ń gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó bá kàn án láìròtẹ́lẹ̀, ọfà á sì fò padà sórí bọ́tìnì kí aago tó kà tán.

Nígbà tí aago bá pé, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á sì dúró gbagidi. Àwòrán ti wọlé nígbà yẹn. Ohunkóhun tí ẹ bá wá fi máòsì ṣe báyìí kò lè ba nǹkan jẹ́ mọ́, ẹ kàn ń yan apá tí ẹ fẹ́ ni. Ẹ fi máòsì fa igun mẹ́rin yí wíńdò Writer ká, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ sì fi Ctrl+S pa á mọ́ ní PNG. Ẹ má fi JPEG pa á mọ́. JPEG dára fún àwòrán ojú èèyàn, ṣùgbọ́n yóò fi ìdọ̀tí kéékèèké yí lẹ́tà ká, tí ẹ bá sì tún un gé tí ẹ tún un fi pamọ́, ìdọ̀tí á máa pọ̀ sí i.

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá fúyẹ́, tí kò sí mẹ́nù tó ṣí, ọ̀nà kan wà tó yá jù báyìí lọ. Ẹ tẹ ojú ewé, ẹ gbé máòsì sí ibùdó rẹ̀, ẹ tẹ Alt+PrtSc. Wíńdò tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà á dà kọ, ẹ óò sì fi Ctrl+V lẹ̀ ẹ́ sínú Paint. Èmi kì í tilẹ̀ ṣí Snipping Tool fún irú èyí.

Àwọn kan á bi mí pé ṣé kò ní tó kí èèyàn dúró kí àlàyé náà parẹ́ fúnra rẹ̀? Ó lè parẹ́ lóòótọ́. Nínú àwọn ètò Windows àtijọ́, àlàyé máa ń yọ lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí máòsì bá dúró, á sì lọ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òmíràn á dúró títí máòsì á fi kúrò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọ̀ tí bọ́tìnì gbé wọ̀ kò ní lọ pẹ̀lú àlàyé. Dídúró kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán fún ìwé.

Nígbà tí mẹ́nù gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí

Níbi tí iṣẹ́ ti le díẹ̀ nìyí. Ẹ fẹ́ fi ọ̀nà kejì han akọ̀wé, èyí tó gba inú mẹ́nù `File` lọ sí `Export As`. Mẹ́nù gbọ́dọ̀ ṣí, ohun tí a ń tọ́ka sí nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Bí ẹ bá fi máòsì ṣí i, máòsì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá gbé e kúrò, àwọ̀ lè lọ, tàbí kí ó bọ́ sórí ìlà mìíràn.

Kíbọọ̀dù ni ojútùú rẹ̀. Ẹ gbé máòsì sí ibùdó rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fún Snipping Tool ní ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ́tẹ̀ yìí, torí iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Ẹ tẹ `New`, ẹ tẹ ojú ewé Writer, ẹ dá máòsì padà sí ibùdó, ẹ wá tẹ Alt+F. Mẹ́nù `File` á ṣí. Ẹ fi bọ́tìnì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kíbọọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé `Export As`, kí ẹ sì tẹ èyí tó ń lọ sápá ọ̀tún kí mẹ́nù kejì lè ṣí. Ẹ dúró. Aago á pé, àwòrán á wọlé pẹ̀lú mẹ́nù méjèèjì, ìlà tí ẹ yàn á ní àwọ̀ tirẹ̀, kò sì ní sí ọfà tàbí àlàyé níbì kankan.

Ìdí tí máòsì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ibùdó ni pé bí ó bá wà níbi tí mẹ́nù máa ṣí sí, ìlà tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ lè gba àwọ̀ mọ́ kíbọọ̀dù lọ́wọ́. Ẹ óò máa tẹ bọ́tìnì, àwọ̀ á máa fò síbi tí ẹ kò fẹ́.

Kíbọọ̀dù náà ní ipa tirẹ̀ tó ń fi sílẹ̀. Alt lè mú kí ìlà fà sábẹ́ lẹ́tà kan nínú orúkọ mẹ́nù kọ̀ọ̀kan. Kò ba àwòrán jẹ́ rárá, èmi kì í yọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé kó má wà nínú àwòrán kẹta kó má sì sí nínú ẹ̀kẹrin. Bí ẹ bá fi kíbọọ̀dù ṣí mẹ́nù lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í ṣí gbogbo rẹ̀.

Lórí Mac àti Linux

Lórí Mac, ẹ tẹ Shift+Command+5, kí ẹ lọ sí `Options`. Ẹ rí i pé `Show Mouse Pointer` kò ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì mú aago ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 10 níbẹ̀ kan náà. Mac tún ní àǹfààní kan tí Windows kò ní: bí ẹ bá tẹ Shift+Command+4, tí ẹ tẹ bọ́tìnì àlàfo, tí ẹ wá tẹ wíńdò kan, wíńdò yẹn nìkan ló máa yà, kódà bí nǹkan mìíràn bá bò ó. Níwọ̀n bí àlàyé ayọjú ti jẹ́ wíńdò tirẹ̀, kò ní bá wọn wọlé. Àwọ̀ bọ́tìnì á ṣì wà o, torí inú wíńdò gan-an ni ìyẹn wà. Ibùdó máòsì lórí Mac kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí tí `Dock` wà, pàápàá bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fara pamọ́, nítorí yóò jáde wá.

Lórí Linux tó ń lo GNOME láti ẹ̀dà 42, PrtSc á ṣí pátákó kan tó ní bọ́tìnì tí a fi ń mú ọfà wọlé tàbí yọ ọ́ kúrò. Ẹ rí i pé kò sí ní títàn. Igun òkè lápá òsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀, nítorí bí máòsì bá kàn án, gbogbo wíńdò lè túká lójú yín. Spectacle ti KDE ní `Include mouse pointer`, ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ń lo Xfce lè fi àṣẹ kan ṣoṣo parí rẹ̀:

```
xfce4-screenshooter -f -d 5
```

`-f` ní kí ó ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, `-d 5` ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí ẹ bá fi `-m` kún un ni ọfà fi máa wọlé, nítorí náà ẹ má fi kún un.

Ibì kan wà tí ètò wọ̀nyí kò ti lè gbà yín. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lọ́nà jíjìn ni ẹ ń wò nínú wíńdò, ọfà ti kọ̀ǹpútà ọ̀hún lè ti wà nínú àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín. Ètò tí ẹ fi ń yàwòrán kò mọ̀ pé ọfà ni, lójú tirẹ̀ àwọ̀ lásán ni. Ẹ gbé ọfà ti ọ̀hún lọ sí ibi òfìfo kí ẹ tó ya àwòrán.

Ìgbà tí gígé tó

Mo máa ń sọ pé títúnyà ni kí a kọ́kọ́ ronú kàn, torí pé kò gba ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ohun tí a yà kò ní padà wá mọ́. Ìkìlọ̀ àṣìṣe kan yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sáré yà á, àlàyé ayọjú kan sì wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Tàbí ẹlòmíràn ló fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín láti orí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò ní. Níbẹ̀ ni gígé ti wúlò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó gé: ṣé àlàyé náà bo ohun tí ẹni tó máa kà á nílò? Bó bá bò ó, gígé kò lè wò ó sàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, bó bá jẹ́ pé ìlà bọ́tìnì òkè nìkan ni akọ̀wé nílò, ẹ lè gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dànù, àlàyé á sì bá a lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti yọ sórí ìlà náà fúnra rẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ bọ́tìnì PDF á ṣì wà. Bí bọ́tìnì yẹn gan-an bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ tọ́ka sí, a lè fara da àwọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́tìnì mìíràn ni ẹ ń tọ́ka sí, àwọ̀ yẹn á tan ẹni tó ń kà á, ẹ gbọ́dọ̀ tún un yà nìyẹn.

Ẹ gé e níbi tí ètò fúnra rẹ̀ ti pín: láàárín ìlà bọ́tìnì kan àti èkejì, ní etí wíńdò, tàbí ní etí pátákó. Ẹ má gé bọ́tìnì sí méjì, ẹ má sì gé ọ̀rọ̀ láàárín. Lẹ́yìn gígé, ẹ mú àwòrán tóbi sí ìlọ́po mẹ́rin kí ẹ wo etí rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹ́kù ni ìlà tín-ín-rín tó jẹ́ etí òkè àlàyé, tàbí òjìji rẹ̀. Ojú kì í rí i ní ìwọ̀n gidi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á yọ bí ìdọ̀tí.

Nínú Paint, ẹ fi `Select` yí ibi tí ẹ fẹ́ ká, kí ẹ tẹ Ctrl+Shift+X. Nínú IrfanView, ẹ fa igun mẹ́rin, ẹ tẹ Ctrl+Y. Nínú Preview ti Mac, ẹ yan ibẹ̀, ẹ tẹ Command+K. Bí ẹ bá ní àwòrán tó pọ̀ tí gbogbo wọn tóbi bákan náà, tí ẹ sì fẹ́ gé wọn síbì kan náà, ImageMagick, ètò tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ darí, ló yá jù:

```
magick kikun.png -crop 1280x140+0+0 +repage gige.png
```

Ohun tí àṣẹ yìí wí ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, kí ó mú píksẹ́lì 1280 ní ìbú àti 140 ní gíga. Ẹ má gbàgbé `+repage`. Láìsí i, PNG á ṣì máa rántí bí àwòrán ṣe tóbi tẹ́lẹ̀, ètò mìíràn tó bá sì ṣí i lè fi àyè òfìfo sí ibi tí ẹ ti gé kúrò.

Àwọn kan kì í gé, kì í sì í tún un yà, wọ́n á kan da àwọ̀ bo àlàyé náà. Lórí ojú ewé funfun, ó lè bọ́ sí i. Lórí ìlà bọ́tìnì, mi ò tíì rí èyí tí kò hàn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ ti ń ṣẹ̀dá ohun tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn, akọ̀wé á sì máa wá a.

Ohun tí a gé lè ṣì wà nínú fáìlì

Nígbà mìíràn, ìdí tí a fi ń yọ àlàyé kì í ṣe ẹwà. Bí máòsì bá sinmi lórí àwòrán orí yín ní igun ojú ewé Google, àlàyé tó máa yọ ní orúkọ yín àti àdírẹ́sì í-meèlì yín nínú. Bó bá sinmi lórí fáìlì nínú ibi tí Windows ń kó fáìlì sí, irú fáìlì náà, bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn á yọ. Bí irú èyí bá wọ inú àwòrán tí ẹ fẹ́ fi síta, ẹ mọ̀ pé gígé nìkan lè má tó.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà fi hàn pé Markup tó wà lórí fóònù Pixel, àti Snipping Tool ti Windows 11, kì í pa gbogbo ohun tí a gé kúrò rẹ́. Bí ẹ bá gé àwòrán tí ẹ sì pa á mọ́ lórí fáìlì àkọ́kọ́, fáìlì tuntun kéré, ṣùgbọ́n ìdí fáìlì àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì lè yọ apá kan àwòrán tí a gé dànù jáde nínú rẹ̀. aCropalypse ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti tún un ṣe nínú oṣù yẹn kan náà, àmọ́ àtúnṣe náà kò kan àwọn àwòrán tí wọ́n ti gé ṣáájú. Bí ẹ bá ní irú wọn tó ti pẹ́, ẹ ṣí i nínú ètò mìíràn kí ẹ sì pa á mọ́ pẹ̀lú orúkọ tuntun kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Microsoft Word ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí kì í sì í ṣe àṣìṣe, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá gé àwòrán nínú Word, ó kàn fi ibi tí ẹ gé pamọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fáìlì náà lè fà á padà síta. Ẹ tẹ àwòrán, ẹ lọ sí `Picture Format`, kí ẹ tẹ `Compress Pictures`, kí ẹ rí i pé `Delete cropped areas of pictures` ní àmì. Tèmi ni pé kí ẹ gé e kí ó tó wọ inú Word rárá.

Ìgbà tí kí a fi í sílẹ̀ sàn jù

Bó bá jẹ́ pé àlàyé ayọjú gan-an ni ẹ ń kọ́ èèyàn, ẹ má yọ ọ́. Akọ̀wé tí kò mọ èwo nínú àwọn bọ́tìnì náà ni ti PDF lè jàǹfààní àwòrán kan tó fi hàn án pé bó bá gbé máòsì lé bọ́tìnì, orúkọ rẹ̀ á yọ. Ẹ ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọfà náà wà níbẹ̀. Àlàyé tó yọ láìsí ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í yé ẹni tó ń kà á.

Fún irú àwòrán yẹn, ètò yíyàwòrán tó ń jẹ́ Greenshot dára lórí Windows. Ẹ fi àmì sí `Capture mousepointer` nínú ètò rẹ̀. Nígbà tí àwòrán bá ṣí nínú ibi àtúnṣe Greenshot, ọfà wà níbẹ̀ bí ohun ọ̀tọ̀, kò tíì lẹ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ lè fà á síbi tó wù yín, bí ẹ bá sì yí ọkàn padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tẹ Delete, àwòrán tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì wà ní pípé. Ẹ pinnu kí ẹ tó fi í pamọ́ ní PNG, nítorí pé láti ìgbà yẹn lọ, ọfà ti di ara àwòrán.